Bí ẹ ṣe máa sọ àkọsílẹ̀ mítìn òṣìṣẹ́ di ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tí ò sí níbẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. A ṣe mítìn gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ jáde, ó tó ojú ìwé ogójì. Ọ̀gá mi ní kí n fi ṣe ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tí ò wá. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe gùn jù, kò sẹ́ni tó kà á. Mo wá gé e kúrú, ni máníjà kan bá ní òun ò sọ ohun tí mo kọ yẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an?"

Ẹ kú làálàá o. Ibì kan náà ni wàhálà méjèèjì yẹn ti wá, ẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bó ṣe tò nínú mítìn. Nínú mítìn, ẹnì kan á béèrè ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, wọ́n á dá a lóhùn díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, tó bá tó bí ogún ìṣẹ́jú sí i ẹlòmíì á ní "ẹ jẹ́ kí n fi kún ohun tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀kan", á wá sọ apá tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀, nígbà tí mítìn bá fẹ́ parí ẹnì kẹta á tún sọ n tó yàtọ̀ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe tò, á gùn. Tẹ́ ẹ bá mú ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dáhùn nìkan, ìdá kan nínú ìdáhùn lẹ mú, ẹni tó sọ ìyókù á sì ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Torí náà iṣẹ́ yín ni pé kẹ́ ẹ lọ ṣa gbogbo ohun tí wọ́n sọ lórí ìbéèrè kan jọ níbikíbi tó bá wà, kẹ́ ẹ wá kọ ìdáhùn kan ṣoṣo tí ò le ju ohun tí wọ́n sọ lọ, tí ò sì rọ̀ jù ú lọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, ìyókù, ilẹ̀ gbígbá lásán ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe kọ́pì fáìlì náà méjì, ẹ fi ọ̀kan pamọ́ síbì kan tẹ́nì kankan ò ní fọwọ́ kàn án, torí ọjọ́ tí àríyànjiyàn bá dé, ìyẹn lẹ máa ṣí. Tó bá jẹ́ Zoom tàbí Teams lẹ ti gbà á jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáìlì .vtt, tẹ́ ẹ bá ṣí i ẹ máa rí i pé ó gé ọ̀rọ̀ èèyàn sí wẹ́wẹ́ báyìí:

```
00:31:12.400 --> 00:31:17.900
Sítọ́ọ̀ 2: Ẹ ṣé sà, ọ̀rọ̀ ṣíìfù tuntun yìí
```

Nọ́ńbà iwájú yẹn ni àkókò tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí, wọ́n ń kà á látìgbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago ara ògiri o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń pa àwọn nọ́ńbà yẹn rẹ́ kó lè rọrùn láti kà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, torí òun lẹ máa fi wá ohùn tó sọ ọ́ nígbà tọ́rọ̀ bá rú yín lójú. Ẹ kàn so àwọn wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ti ẹnì kan náà pọ̀, kẹ́ ẹ fi àkókò tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Orúkọ tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ìyẹn ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àwọn kan jókòó pọ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n ń lo kọ̀ǹpútà kan, gbogbo ohun tí èèyàn mẹ́wàá bá sọ nínú yàrá yẹn, orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ sábà máa kọ sí i. Ẹ lè rí i pé máníjà kan béèrè ìbéèrè, ó tún dá ara ẹ̀ lóhùn, ó tún bú ara ẹ̀ díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ sẹ́nu ẹnikẹ́ni, ẹ fetí gbọ́ ohùn náà. Ó ṣeé ṣe kí máníjà yín yẹn má purọ́ rárá, kó jẹ́ pé ẹni tó jókòó tì í ló sọ̀rọ̀.

Ó kan wíwá àwọn ìbéèrè. Ẹ má gbára lé àmì ìbéèrè tí ẹ̀rọ fi sí i, ó máa ń fi síbi tí ò yẹ, ó sì máa ń gbàgbé ẹ̀ níbi tó yẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa èèyàn kì í béèrè ọ̀rọ̀ tààrà níwájú ọ̀gá. Ẹnì kan á kọ́kọ́ dúpẹ́, á ṣàlàyé bó ṣe pẹ́ tó lẹ́nu iṣẹ́, á wá ní "mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rò ó débẹ̀", ìbéèrè nìyẹn. Ẹlòmíì á ní "ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ yẹn ń dun àwọn èèyàn o", ìbéèrè lòun náà, àwọn ọ̀gá sì dáhùn ẹ̀ bí ìbéèrè. Torí náà ẹ kà á látòkè délẹ̀, tí ọ̀gá kan bá ti ń ṣàlàyé ẹ wò ó sẹ́yìn, kí ló fa àlàyé yẹn? Ibẹ̀ ni ìbéèrè wà. Ẹ tún rántí ṣáàtì, èyí táwọn èèyàn ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí mítìn ń lọ, fáìlì tiẹ̀ máa ń dá wà ni, kì í sí nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ gbọ́. Mo ti rí ìwé tí ìdáhùn wà níbẹ̀ tí ìbéèrè ẹ̀ ò sí níbì kankan, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ọ̀gá ń sọ, torí látinú ṣáàtì ló ti kà á láìka á síta.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ìbéèrè kan ká ṣe é tán pọ̀, mo máa fi ilé iṣẹ́ kan tí mo kàn rò lọ́kàn ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n ṣe mítìn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, wọ́n ń yí ṣíìfù padà. Ní 00:31:12 obìnrin kan láti sítọ́ọ̀ sọ báyìí:

"Ẹ ṣé sà. Ọ̀rọ̀ ṣíìfù tuntun yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rò ti àwọn tó ti gba líìfù, kó má lọ di pé wọ́n á fagi lé e, àti pé àwa tá à ń ṣe alẹ́ tẹ́lẹ̀, aláwàánsì wa ńkọ́, ìgbà wo ló tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gan-an torí oríṣiríṣi la ń gbọ́."

Ìbéèrè mẹ́ta nìyẹn nínú èémí kan. Ẹ gé e sí mẹ́ta, torí ẹni tó wà nílé tó ń wá ọ̀rọ̀ líìfù ò ní mọ̀ pé abẹ́ aláwàánsì ló wà. Máníjà iṣẹ́ dá a lóhùn ní 00:32:05:

"Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Líìfù tí a ti fọwọ́ sí, a ní fọwọ́ kàn án. Ti aláwàánsì, a ṣì ń wò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa pàdánù."

Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, ẹ ti wọ gàù. Ẹ wá ọ̀rọ̀ "ṣíìfù", "líìfù", "alẹ́" àti "aláwàánsì" látibẹ̀ títí dé òpin fáìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì tún wá àwọn gbólóhùn bí "kí n fi kún", "bí mo ṣe sọ lẹ́ẹ̀kan", "kí n tún un sọ", torí ibẹ̀ làwọn ọ̀gá ti máa ń tún ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe. Ẹ máa rí i pé ní 00:54:40 ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní àwọn tó ń gba ìpè kọ́sítọ́mà ò ní bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ 15 ni tiwọn, torí rósítà wọn ò tíì ṣe tán. Nígbà tó di 01:10:22, ẹni tó ń bójú tó owó sọ báyìí: "Aláwàánsì alẹ́ ṣì wà ní 50 pásẹ́ǹtì tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a bá gbé kúrò ní alẹ́, á ṣì máa gbà á títí òpin oṣù kẹrin, lẹ́yìn náà a máa tún un wò."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn, ibi mẹ́ta, ẹnu mẹ́ta. Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ wọ íáfóònù kẹ́ ẹ lọ gbọ́ ohùn fún nǹkan mẹ́ta péré: gbogbo nọ́ńbà, gbogbo déètì, àti gbogbo ibi tí "kò", "ò" tàbí "má" lè wà. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ gbọ́ gbogbo mítìn lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ibi yẹn nìkan. Nínú tiwa yìí ẹ máa gbọ́ pé fiftíìn pásẹ́ǹtì ni ẹlẹ́ka owó sọ, ẹ̀rọ ló gbọ́ ọ sí fíftì. Ẹ fojú inú wo ìwé tó jáde tó ní ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, gbogbo òṣìṣẹ́ alẹ́ á ti ṣírò owó tí ò sí. Tẹ́ ẹ bá ní sìláìdì tí wọ́n lò, ẹ wò ó níbẹ̀ pẹ̀lú. Ti líìfù yẹn náà, "a ní fọwọ́ kàn án" tí ẹ̀rọ kọ, ohùn máníjà á jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ pé "a ò ní fọwọ́ kàn án" ló sọ, "ò" yẹn ló bọ́ sílẹ̀. Ibi tó léwu níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe lójú lásán á rí i pé gbólóhùn náà ò dán, á bá wọn tún un ṣe sí "a máa fọwọ́ kàn án", ó ti yí i padà pátápátá nìyẹn tó sì dán mọ́rán. Gbólóhùn tó bá ti rí wọ́gọwọ̀gọ nínú àkọsílẹ̀, ẹ má fi ọgbọ́n orí tún un ṣe, ẹ lọ gbọ́ ọ.

Ó wá ku bí ọ̀rọ̀ ṣe le tó. Èmi máa ń fi àmì mẹ́ta péré síwájú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan: "Ó ti dájú", "Wọ́n ṣì ń gbèrò rẹ̀", "Wọn ò tíì dáhùn". Tẹ́ ẹ bá ti ní láti yan ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí fún apá ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ò ní lè fi gbólóhùn dídùn bo ohun tí ò dájú mọ́lẹ̀. "A nírètí pé" àti "a máa" ò kí ń ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ẹni tó jókòó nínú mítìn gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀ nínú ohùn, ó rí ojú ọ̀gá, ẹni tó wà nílé ò rí n kankan ju ohun tẹ́ ẹ kọ lọ. Mo mọ̀ pé nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé ọ̀rọ̀ kúrú, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bí "bóyá", "tó bá ṣeé ṣe", "fún ìsinsìnyí" lọwọ́ yín máa kọ́kọ́ lọ bá, torí wọ́n dà bí ìdọ̀tí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ìtàn tí ọ̀gá sọ kó tó dé ibi ìdáhùn lẹ máa gé, àti ẹ̀rín, àti àwàdà. Àwàdà pàápàá, ẹ yọ ọ́ dànù kíákíá, torí ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ dé á fọ gbogbo ife kọfí, tó bá dénú ìwé, òfin ni ẹlòmíì máa kà á sí.

Ẹ wò ó wàyí, ohùn méjì ló wà lórí aláwàánsì. Máníjà iṣẹ́ ní kò sẹ́ni tó máa pàdánù, ẹlẹ́ka owó ní títí òpin oṣù kẹrin, lẹ́yìn náà a máa tún un wò. Méjèèjì ò bára wọn mu. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa dájọ́ o, kódà tó bá hàn sí yín pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ka owó ló ṣeé gbára lé. Ẹ kọ ímeèlì kan sí àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì síbẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an pẹ̀lú àkókò ẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè pé èwo ni ká kọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní wọ́n dá yín lóhùn pé ti ẹlẹ́ka owó ló dúró, àti pé ọjọ́ 20 oṣù kẹrin làwọn máa jókòó lórí ẹ̀. Ìdáhùn tó wá lẹ́yìn mítìn nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé lẹ́yìn mítìn ló wá. Tẹ́ ẹ bá ṣe é bíi pé inú mítìn ni wọ́n ti sọ ọ́, àwọn tó wà níbẹ̀ tí wọ́n gbọ́ "kò sẹ́ni tó máa pàdánù" pẹ̀lú etí ara wọn á ní ẹ ń parọ́, kò sì ní sẹ́ni tó máa gba ìyókù ìwé náà gbọ́ mọ́.

Ó wá jáde báyìí:

> Ìgbà wo ni ṣíìfù tuntun ń bẹ̀rẹ̀? (Ó ti dájú)
> Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ni fún sítọ́ọ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ni fún àwọn tó ń gba ìpè kọ́sítọ́mà, torí rósítà wọn ò tíì ṣe tán. Máníjà iṣẹ́, 00:32. Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́, 00:54.
>
> Mo ti gba líìfù kí wọ́n tó yí ṣíìfù padà, ṣé wọ́n máa fagi lé e? (Ó ti dájú)
> Rárá. Wọn ò ní fọwọ́ kan líìfù tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Máníjà iṣẹ́, 00:32.
>
> Tí wọ́n bá gbé mi kúrò ní ṣíìfù alẹ́, ṣé mo ṣì máa gba aláwàánsì alẹ́? (Ó dájú títí òpin oṣù kẹrin, wọ́n ṣì ń gbèrò ohun tó kàn)
> Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa gbà á títí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ní 15% tó wà tẹ́lẹ̀. Wọn ò tíì sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹni tó ń bójú tó owó, 01:10. Àlàyé tó wá lẹ́yìn mítìn: ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ni wọ́n máa jókòó lórí ẹ̀. Nínú mítìn máníjà iṣẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó máa pàdánù, wọ́n ní ìdáhùn òkè yìí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ wo bí ìbéèrè yẹn ṣe yí padà. Obìnrin yẹn ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà nílé ṣe máa béèrè ẹ̀ nìyẹn, "mo", "mi", ọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá tàbí déètì, àlàyé wá tẹ̀ lé e, ẹni tó sọ ọ́ wá kẹ́yìn. "Oṣù tó ń bọ̀" ti di oṣù kẹrin, torí ẹni tó máa ṣí ìwé yìí ní oṣù kẹrin, oṣù karùn-ún ló máa rò pé wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "bí ẹ ṣe rí i lókè yẹn", "àwọn tibí", "ètò tí a sọ lọ́jọ́sí", gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń nàka sí n tí òǹkàwé ò lè rí, ẹ fi nǹkan náà gan-an rọ́pò ẹ̀.

Ẹ tún wo ìdáhùn líìfù yẹn dáadáa. Líìfù tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Èyí tí mo ti bèèrè àmọ́ tí wọn ò tíì fọwọ́ sí ńkọ́? Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ ní mítìn, kò sẹ́ni tó dáhùn ẹ̀, àmọ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó wà nílé máa rò nìyẹn, tí kò sì sí ọwọ́ tó lè nà sókè. Irú ìyẹn, ẹ kọ ọ́ sí abala "Wọn ò tíì dáhùn", kẹ́ ẹ kọ ẹ̀ka tó máa dáhùn àti ọjọ́ tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ má fi àròsọ yín dí i o, kódà tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Abala yẹn náà ni ìbéèrè tí ọ̀gá yẹ̀ sílẹ̀ máa lọ, ẹni tó béèrè owó oṣù tí wọ́n fi ìtàn ilé iṣẹ́ dá lóhùn. Àwọn ọ̀gá kan ò fẹ́ràn abala yìí rárá, wọ́n á ní kẹ́ ẹ yọ ọ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti níyì jù, torí gbogbo ẹni tó wà ní mítìn ló mọ̀ pé wọn ò dáhùn, tí ìbéèrè yẹn bá wá pòórá nínú ìwé ariwo ẹ̀ á pọ̀ ju ìbéèrè náà lọ. Tí wọ́n bá ta kú, ẹ kọ "ilé iṣẹ́ ò tíì lè sọ̀rọ̀ lórí èyí", ìyẹn ṣì sàn ju kó má sí rárá.

Orúkọ ẹni tó béèrè, ẹ yọ ọ́ dànù, gbogbo ẹ̀. Ẹni tó dáhùn nìkan la nílò, ipò ẹ̀ sì tó. Ìdí ni pé ẹni tó nawọ́ sókè nínú yàrá gbà kí àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ òun, kò gbà kí wọ́n kọ òun sínú ìwé tó máa wà nílẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Yíyọ orúkọ nìkan lè má tó o, tó bá jẹ́ pé èèyàn kan ṣoṣo ló lóyún ní ẹ̀ka yẹn, "òṣìṣẹ́ kan tó fẹ́ lọ bímọ" ti dárúkọ ẹ̀. Tí ìbéèrè bá jẹ́ ti ara ẹni pátápátá, àìsàn ẹnì kan, ìjà ẹnì kan pẹ̀lú máníjà ẹ̀, ẹ mú òfin gbogbogbò tó wà nínú ìdáhùn, kẹ́ ẹ fi ìtàn náà sílẹ̀. Tí kò bá sí òfin gbogbogbò kankan níbẹ̀, kò wọnú ìwé nìyẹn.

Kó tó jáde, ẹ fi han àwọn tó dáhùn. Ẹ má fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, torí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ṣe, ẹ ò ní bọ́ nínú ẹ̀ láéláé. Ẹ fi tiẹ̀ nìkan ránṣẹ́ sí kálukú, ohun tó sọ gan-an lápá kan, ohun tẹ́ ẹ kọ lápá kejì, kẹ́ ẹ béèrè pé "ṣé ohun tí ẹ sọ rèé?" Tẹ́ ẹ bá béèrè pé "kí lẹ rò sí i?", ọ̀rọ̀ tuntun ni wọ́n máa kọ ránṣẹ́ padà, èyí tó dùn ju ti mítìn lọ. Ẹ fún wọn ní gbèdéke, bí ọ̀sán ọjọ́ kejì, torí ìwé yìí tó bá pẹ́ ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ, àwọn tí ò wá á ti gbọ́ tiwọn lẹ́nu àwọn tó wá, èyí tí wọ́n sì gbọ́ yẹn lẹ máa wá bá jà. Tí ẹnì kan bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ fi àkókò ẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó gbọ́ ohùn ara ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o. Lọ́pọ̀ ìgbà á ní "áà, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo ní lọ́kàn ni…", ẹ wá kọ ohun tó ní lọ́kàn síbẹ̀ bí àlàyé tó wá lẹ́yìn mítìn, ọ̀rọ̀ pin. Ọ̀rọ̀ tó bá kan dídá òṣìṣẹ́ dúró, owó oṣù tàbí ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ tàbí agbẹjọ́rò ilé iṣẹ́ rí i kẹ́yìn.

Bó ṣe máa tò ò le. Ohun tó ní déètì tàbí tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ló máa wà lókè, kódà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn mítìn, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kó àwọn tó jọra pọ̀. Ìbéèrè tí èèyàn mẹ́rin béèrè lọ́nà mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa kọ ọ́. Mítìn wákàtí kan àbọ̀ yẹ kó wọ ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ lọ wo ibi tẹ́ ẹ ti ń sọ ìtàn. Ẹ má ṣe é ní tábìlì olópòó márùn-ún, orí fóònù lọ̀pọ̀ wọn ti máa kà á, ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́, ẹni tó wà ní líìfù ìbímọ. Tábìlì yẹn, ẹ fi ṣe iṣẹ́ tiyín lábẹ́lẹ̀, àkókò, ẹni tó sọ, ọ̀rọ̀ gan-an, àmì. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lè ṣí rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ fi líǹkì ẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi àkókò tó wà lábẹ́ ìdáhùn wá ibi tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ẹ wá wá ẹnì kan tí ò sí ní mítìn, ẹ fún un kó kà á níwájú yín, kẹ́ ẹ panu mọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ pé ìgbà wo ló kàn án, kí ló gbọ́dọ̀ ṣe, ta ló máa bá tí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú. Ibi tó bá ti dúró, tó ń ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ tún kọ. Tó bá béèrè ohun kan, ẹ kọ́kọ́ padà lọ wò ó nínú àkọsílẹ̀ bóyá wọ́n ti dáhùn ẹ̀ tẹ́ ẹ sì fò ó, torí ẹni tó bá ti ka ojú ìwé ogójì kì í mọ ohun tí òun ti fò mọ́. Ẹ má mú ẹni tó wá sí mítìn ṣe èyí, á fi ohun tó rántí dí gbogbo ihò tó wà nínú ẹ̀, á ní ó dáa.

Lókè pátápátá ẹ kọ déètì mítìn àti déètì tẹ́ ẹ tún ìwé náà ṣe kẹ́yìn. Tí ìdáhùn bá dé fún èyí tó wà ní "Wọn ò tíì dáhùn", ẹ kọ ọ́ sókè pé "ọjọ́ báyìí la fi ìdáhùn líìfù tí wọn ò tíì fọwọ́ sí kún un", ẹ má kàn yí i padà láìsọ, torí ẹni tó ti kà á lẹ́ẹ̀kan ò ní padà wá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ẹni tó ti ya àwòrán ẹ̀ sórí fóònù á mú tiẹ̀ jáde. Nígbà tí abala yẹn bá ti ṣófo, tàbí tí òfin tí wọ́n kọ dáadáa bá ti jáde lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ kọ ọ́ sókè pé òfin yẹn ló gba ipò ìwé yìí, ẹ fi líǹkì ẹ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì dẹ́kun fífọwọ́ kàn án.